Bí a ṣe ń fi ìpààrọ̀ mú gbòǹgbò kúrò nínú íńtígírà

Íńtígírà tí gbòǹgbò oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀ kì í le mọ́ bí a bá ti lè sọ gbogbo gbòǹgbò náà di agbára odidi lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí, láti x = 0 dé x = 31.5:

∫ dx / (√(2x+1) + ∛(2x+1))

Kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun kan náà ló wà lábẹ́ gbòǹgbò méjèèjì. Bí 2x+1 bá wà lábẹ́ ọ̀kan, tí x+5 sì wà lábẹ́ èkejì, ìpààrọ̀ yìí kò ní tó o.

Nọ́ḿbà tó kéré jù lọ tí 2 àti 3 lè pín láìṣẹ́kù ni 6, nítorí náà a ó kọ u⁶ = 2x+1, kí u sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Ẹni tó bá kánjú mú u = √(2x+1) yóò rí i pé gbòǹgbò ṣì kù nínú u^(2/3). Ní báyìí, gbòǹgbò kìíní di u³, èkejì di u².

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni dx. Wọn a pààrọ̀ ohun tó wà lábẹ́ ìlà, wọn a wá sọ dx di du lásán, bí ẹni pé lẹ́tà nìkan ló yí padà. Ewu rẹ̀ ni pé ∫ du/(u³+u²) ṣeé ṣe dáadáa, nítorí náà kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún wọn. Wọn a rí ìdáhùn tó mọ́ lójú, nǹkan bíi 0.21, wọn a sì fàlà sí i nídìí. Síbẹ̀, ohun tí a ń ṣe íńtígírà rẹ̀ kò kéré ju 1/12 lọ níbikíbi láàárín ààlà wa, gígùn ààlà náà sì jẹ́ 31.5, nítorí náà ìdáhùn kò lè dín sí 2.6. Láti inú u⁶ = 2x+1 ni a ti ń rí 6u⁵ du = 2 dx, ìyẹn dx = 3u⁵ du. Etí ìwé lápá òsì ni kí a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí a tó fọwọ́ kan íńtígírà rárá, kí a sì kọ ààlà tuntun sí abẹ́ rẹ̀: u = 1 dé u = 2, nítorí pé 64 ni 2⁶.

Ohun tó kù ni 3∫ u³/(u+1) du. Kò sí ìdí láti ṣe pínpín gígùn. Kí a kọ u³ bíi (u³+1) − 1, yóò sì di:

3∫ (u² − u + 1 − 1/(u+1)) du = u³ − (3/2)u² + 3u − 3 ln(u+1)

Bí a bá fi ààlà sí i, a ó rí 5.5 − 3 ln 1.5, tó jẹ́ nǹkan bíi 4.28. Bí ìbéèrè kò bá ní ààlà, kí a dá u padà sí (2x+1)^(1/6), kí a sì fi C kún un.