Ìlà Méjì Tó Jẹ Owó Mi: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Bakipirọpagéṣọ̀n

Ó ti sú mi. Ẹni tó bá tún wá bá mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ò kọ́ nǹkan dáadáa, tó sì ti lọ háyà kọ̀ǹpútà tó lágbára sí i kó tó bi mí, ìbáwí ni n ó kọ́kọ́ fún un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ mú bírò àti bébà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ní ìpele méjì, nọ́ńbà kan péré ló sì wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. `x` jẹ́ 2, `w1` jẹ́ 0.5, `b` jẹ́ -1, `w2` jẹ́ 4, èsì tí a sì ń fẹ́, ìyẹn `t`, jẹ́ 0.

```
a = w1*x + b      = 0
h = sigmoid(a)    = 0.5
y = w2*h          = 2
L = (y - t)**2/2  = 2
```

`L` ni àdánù. Ní ìpadàbọ̀, ìyẹn bakipirọpagéṣọ̀n fúnra rẹ̀, ohun tí òfin ẹ̀wọ̀n ń sọ ò ju pé kí ẹ fi ohun tó ti iwájú bọ̀ sọ ìwọ̀n ìyípadà ibi tí ẹ dé di púpọ̀. Láti `L` sí `y`, `y - t` ni, ìyẹn 2. Ti `w2` jẹ́ 2 lọ́nà `h`, ó di 1. Ti `h` jẹ́ 2 lọ́nà `w2`, ó di 8. Ẹ gba inú sígmọ́ìdì kọjá: ìwọ̀n tiẹ̀ ni `h*(1 - h)`, 0.25, nítorí náà 8 di 2. Ẹ wá fi `x` sọ ọ́ di púpọ̀: gíredíẹ́ńtì `w1`, ìyẹn ìwọ̀n bí `L` ṣe ń yí padà tí `w1` bá yí, jẹ́ 4.

Àṣìṣe kìíní: fífo sígmọ́ìdì nígbà ìpadàbọ̀. Ẹ ó rí 16 níbi tó yẹ kó jẹ́ 4.

Àṣìṣe kejì: fífi `h` pa dà sínú sígmọ́ìdì kí ẹ tó wá ìwọ̀n ìyípadà rẹ̀. `h` ti gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀! Tí ẹ bá tún un ṣe, 0.25 á di nǹkan bíi 0.235.

Àṣìṣe kẹta ló ń bí mi nínú jù. Ẹ wo ìlà méjì yìí, níbi tí `dy` ti jẹ́ gíredíẹ́ńtì `y`, tí `dh` sì jẹ́ ti `h`:

```python
w2 = w2 - r*dy*h
dh = dy*w2
```

Wọ́n ti yí `w2` padà kí wọ́n tó lò ó láti pa dà sẹ́yìn. Ká ní `r`, ìwọ̀n ìgbésẹ̀, jẹ́ 0.5: `w2` á di 3.5, `dh` á di 7, gíredíẹ́ńtì `w1` á sì jáde ní 3.5. `dy` tí wọ́n lò, ara `w2` àtijọ́ ló ti jáde. Wọ́n wá lọ so ó mọ́ `w2` tuntun. Àdánù tí ẹ̀wọ̀n yẹn jẹ́ tiẹ̀ ò sí níbì kankan.

Kí ni kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀? Àdánù ṣì ń wálẹ̀. 3.5 àti 4 kọjú síbì kan náà. Ìyẹn nìkan kọ́: tí ẹ bá dín `r` kù sí 0.01, `w2` á di 3.99, gíredíẹ́ńtì náà á di 3.99, nǹkan á sì dára sí i. Ẹ ó wá máa yọ̀ pé ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ló ń dà yín láàmú. Èmi náà yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sanwó kọ̀ǹpútà tí mo háyà, tí mò ń dín `r` kù díẹ̀díẹ̀, tí mo tún ń bú dátà tí ò ṣẹ̀ mí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo dín gbogbo rẹ̀ kù sí nọ́ńbà kan ní ìpele kan, mo ṣe é lórí bébà, bébà sọ 4, kóòdù sọ 3.5. Mo wo ojú ara mi. Ìlà méjì ni mo gbé pààrọ̀ fún ara wọn, ó parí.

Ẹ kọ́kọ́ ka gbogbo gíredíẹ́ńtì tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan wéètì kankan.

Èyí tó kù (ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀karùn-ún, mi ò kà á mọ́) ni àìyẹ iṣẹ́ wò. Ẹ sún `w1` sí 0.501, àdánù á jẹ́ 2.004002, ẹ sún un sí 0.499, á jẹ́ 1.996002. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ fi 0.002 pín in: 4. Ẹni tó ní 16, tàbí 3.5, ti rí ìdáhùn. Kó tó di pé ẹ sún wéètì, ẹ rí i dájú pé kóòdù yín ò tíì yí nǹkankan padà. Ẹ má sì sún un ní `1e-16` nítorí pé ẹ fẹ́ kó péye: àdánù méjèèjì á súnmọ́ra débi pé ohun tí kọ̀ǹpútà gé kúrò lẹ́yìn àmì ìdá ni ẹ ó máa kà.

Àti ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ `w2` ní 0, ẹ fi sínú ìṣirò òkè yẹn, kí ẹ wo iye tó máa dé ọ̀dọ̀ `w1`.