Bọ́tìnì Submit tó kọ̀ tí kò tàn: ohun tí ojú mi rí ní Adó-Èkìtì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Lórí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, mo san owó fọ́ọ̀mù, mo san owó ọkọ̀ láti Ìkéré dé Adó, mo tún san owó wákàtí fún oníkáfẹ́, wákàtí lórí wákàtí. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ni, ti àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n sì máa tì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ohun tó yẹ ká kọ la ti kọ tán. Bọ́tìnì Submit ló kù, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, bẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí kò ní mira. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ oníkáfẹ́ náà ló ní àrùn, èmi ni wọ́n sì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń kọ orúkọ àti bí a ṣe ń mú ìjọba ìbílẹ̀, mi ò ní sọ ọ́, ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù rí ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àyè kékeré tó wà lókè bọ́tìnì yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí kápíṣà wà, ìyẹn àpótí tó ní `I'm not a robot` lára. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa, òfìfo ni ibẹ̀. Kò sí àpótí, kò sí àwòrán, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó sọ pé nǹkan bà jẹ́.

Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú káfẹ́ wò ó, ó ní, "Àǹtí, nẹ́tíwọ̀kì ni, ẹ jẹ́ n tún un ṣí." Ó tún un ṣí lóòótọ́, gbogbo ohun tí a kọ sì pa rẹ́. A tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òfìfo náà ló tún wà níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dé, òun ní búráúsà ló ti gbó, pé ká lọ sórí ẹ̀rọ míì. Kò sì sí ẹ̀rọ míì tó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ búráúsà tó gbó kì í ṣe irọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Windows 7 ló wà lórí ẹ̀rọ náà. Mo tẹ `chrome://version` sí ibi àdírẹ́sì, mo rí i pé Chrome 109 ni, èyí tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Òun ló kẹ́yìn nínú Chrome tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, bó ti wù kí ẹ tẹ "update" tó, kò ní kọjá ibẹ̀. Búráúsà tó bá ti pẹ́ jù lè kọ̀ láti ka kóòdù tí wọ́n fi kọ ojú ewé, bọ́tìnì á sì dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n Firefox 115 náà wà lórí ẹ̀rọ yẹn, mo ṣí fọ́ọ̀mù náà níbẹ̀, òfìfo kan náà ni. Chrome àti Firefox kò jọ ní ẹ̀rọ inú kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá ṣàìsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà, àìsàn náà wà nísàlẹ̀ wọn, yálà lára kọ̀ǹpútà tàbí lára nẹ́tíwọ̀kì.

Èyí ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀: mo gba ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi káfẹ́ náà, mo fi fóònù mi wọ orí rẹ̀, mo ṣí fọ́ọ̀mù náà. Àpótí kápíṣà yọ kíá. Nẹ́tíwọ̀kì kan náà, ojú ewé kan náà, fóònù rí i, kọ̀ǹpútà kò rí i. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ti parí nìyẹn. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi parí rẹ̀ lórí fóònù. Orí kọ̀ǹpútà wọn ni wọ́n sikáànù gbogbo sátífíkéètì sí, iná fóònù mi sì ti ń tán lọ.

Ibi tí wọ́n ti mú inú bí mi jù nìyí. Ọmọkùnrin yẹn ní òun mọ ọgbọ́n kan. Ó fi máòsì ọ̀tún tẹ bọ́tìnì, ó mú Inspect, ó rí ìlà yìí:

```html
<button type="submit" disabled>Submit</button>
```

Ó pa `disabled` rẹ́, bọ́tìnì náà sì tàn lóòótọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù náà lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pupa pé a kò yanjú kápíṣà. Gbogbo ohun tí a kọ tún pa rẹ́! Bọ́tìnì kì í ṣe ilẹ̀kùn gan-an. Nígbà tí ẹ bá yanjú kápíṣà, ó máa ń fún ojú ewé ní àmì gígùn kan, sáfà tó wà lọ́hùn-ún ló sì ń yẹ àmì náà wò. Bí ẹ bá fi tipátipá tan bọ́tìnì láìsí àmì, sáfà á dá yín padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọgbọ́n yìí jẹ àkókò yín.

Mo ní kí ó dìde, kí n jókòó. Mo tẹ F12, mo mú Console, mo tún ojú ewé ṣí. Ìlà pupa kan wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ `api.js` sí, ìyẹn fáìlì tó ń gbé kápíṣà wá láti `www.google.com/recaptcha`:

```
Failed to load resource: net::ERR_CERT_DATE_INVALID
```

`DATE` tí mo rí yẹn ni mo fi gbójú sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 la wà, 1/1/2024 ni aago kọ̀ǹpútà ń sọ.

Mo pe ọ̀gá, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ wo déètì yín." Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ti múná lọ, pé ọdún nìkan làwọn máa ń tún ṣe, nítorí bí ọdún ò bá tọ̀nà, kò sí wébúsáìtì tó máa ṣí. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, CR2032 ni wọ́n ń kọ sí i lára, kò ju owó ẹyọ lọ ní ìtóbi. Òun ló ń bá aago rìn nígbà tí kò bá síná. Bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago á padà sí ọjọ́ àtijọ́. Wọ́n mọ̀ pé ó ti kú, wọ́n ń gba owó wákàtí lórí rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti rí ni pé ojú ewé fọ́ọ̀mù náà ń ṣí dáadáa. Ìdí rẹ̀ rèé. Wébúsáìtì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, búráúsà sì máa ń fi aago kọ̀ǹpútà yẹ ọjọ́ méjèèjì wò. Mo tẹ àmì àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, mo wo ìwé ẹ̀rí ti fọ́ọ̀mù náà. Ọdún kan ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2023, nítorí náà kò sí ìjà láàárín òun àti 1 January 2024. Ìwé ẹ̀rí ti ibi tí kápíṣà ti ń wá kì í ju bí oṣù mẹ́ta lọ. Èyí tó wà níta ní oṣù kẹsàn-án kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀rọ tó rò pé oṣù kìíní la wà. Bó bá jẹ́ odindi ojú ewé ni, búráúsà á pariwo. Fáìlì inú ojú ewé ni, ó kàn dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kápíṣà kò dé, àmì kò wá, bọ́tìnì kò tàn.

Ẹ lè mọ èyí láìfọwọ́ kan F12 rárá: ẹ ṣí `www.google.com` ní táàbù míì. Bí `Your connection is not private` tàbí `Your clock is behind` bá jáde níbẹ̀, nígbà tí fọ́ọ̀mù yín ń ṣí, aago ni.

Mo tẹ aago, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún déètì ṣe, mo tún ọjọ́ àti oṣù ṣe. Lẹ́yìn náà mo mú táàbù Internet Time, mo tẹ `Change settings`, mo tẹ `Update now` kí ó lè gba ìṣẹ́jú tó péye. Ẹ wo time zone náà, `(UTC+01:00) West Central Africa` ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo tún ojú ewé ṣí, àpótí `I'm not a robot` sì yọ síbẹ̀ mímọ́ lóló. Ọ̀gá káfẹ́ ò lè sọ̀rọ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé owó mi.

Kò tíì tán. Bí àpótí ṣe yọ, ọmọkùnrin yẹn sáré na ọwọ́, ó máàkì í, a ò tíì gbé pásípọ́ọ̀tù àti sátífíkéètì sókè. Kí wọ́n tó gòkè tán, `Verification expired. Check the checkbox again.` ti jáde, bọ́tìnì sì tún padà di eérú. Ìṣẹ́jú méjì péré ni àmì kápíṣà yìí máa ń lò. Ẹ parí ohun gbogbo, títí kan fáìlì, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí a tún máàkì í, ó gbé àwòrán wá, irú èyí tí àwòrán míì máa ń rọ́pò èyí tí ẹ bá tẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ń fà, àwòrán tuntun ò tètè yọ, ọmọ náà ń tẹ Verify kí ó tó yọ tán, kápíṣà sì ń sọ pé `Please also check the new images.` Mo ní kó ní sùúrù kí gbogbo àyè tó funfun kún padà, kó wò wọ́n, kó tó tẹ Verify. Ó gbà.

Bọ́tìnì tàn, a tẹ̀ ẹ́, ó sì jọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ tún un tẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí fọ́ọ̀mù lè ti lọ, kí ẹ sì wá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Sílíìpù ló fẹ́ ṣí ní wíńdò tuntun tí Chrome dí i lọ́nà. Ní ìparí ibi àdírẹ́sì, lápá ọ̀tún, àwòrán wíńdò kékeré tó ní àmì pupa wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, `Pop-ups blocked` jáde, líǹkì sílíìpù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mú `Always allow pop-ups and redirects`, mo tẹ Done, mo sì tẹ líǹkì náà. Sílíìpù ṣí, nọ́ńbà àbúrò mi wà lára rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ fún ọ̀gá káfẹ́ pé wákàtí àkọ́kọ́ nìkan ni mo máa san, kí wọ́n dá ìyókù padà. Ìdajì ló dá padà.