Oògùn aago méje tó ń dún nígbà tí aago mẹ́jọ ń lọ lù

“Àjàní, fóònù yìí mà tún ní kí n lo oògùn o. Àbí mi ò tíì lò ó ni?”

Màámi ló pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ní àwọn ti gbé hóró kejì mì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo sáré pe apòògùn tó ń tà á fún wọn. Ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má dìde lójijì, kí wọ́n sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. A dúpẹ́, òòyì díẹ̀ ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n áàpù tó fa gbogbo rẹ̀, èmi tí mò ń kọ èyí ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Áàpù mi àkọ́kọ́ ń gbọ́ràn sí sáfà kan tí mo háyà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn òkun: tí aago méje bá lù, sáfà á ta ìfitónilétí sí fóònù Màámi. Dọ́là 6 lóṣù. Kí Òṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, owó yẹn kò tó 5,000 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó ti ń lọ sí 9,000. Nítorí hóró méjì lóòjọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ tí dátà Màámi bá tán, kò sí ìfitónilétí kankan. Mo wá bi ara mi pé aago wà nínú fóònù, orúkọ oògùn wà nínú fóònù, kí là ń lọ bi ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn òkun? Mo pa sáfà náà rẹ́. Fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò máa rántí.

Mi ò ní pẹ́ lórí apá tó rọrùn. Ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ orúkọ oògùn àti aago rẹ̀, bọ́tìnnì “Mo ti lò ó”, àyè tí áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ láti Android 13 kó tó lè fi ìfitónilétí hàn: ọjọ́ méjì ni mo fi parí gbogbo rẹ̀. Dídún rẹ̀ ni mo gbé fún `AlarmManager`, ìyẹn apá inú Android tí áàpù máa ń bá ṣàdéhùn pé “jí mi ní aago báyìí” kó tó lọ sùn. Mo lo `setRepeating`, tó ń tún àdéhùn kan náà ṣe fúnra rẹ̀, pẹ̀lú `RTC_WAKEUP`. Mo rí WAKEUP nínú orúkọ rẹ̀, mo ní ó ti parí nìyẹn. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ní kó máa dún ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ń dún. Ó máa ń yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn, mo fojú fo ìyẹn. Mo gbéra, mo lọ gbé e sórí fóònù Màámi tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìn ìpè ọjọ́ Àìkú yẹn, mo fi ìlà kan kún kóòdù kó máa kọ aago tó yẹ kó dún àti aago tó dún gan-an sílẹ̀. Àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ wọn ló ya èyí ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ọjọ́ méjì:

```
due 07:00  fired 07:52
due 21:00  fired 21:01
due 07:00  fired 07:38
due 21:00  fired 21:00
```

Alẹ́ kò níṣòro. Àárọ̀ ló ń bàjẹ́. Màámi ti máa ń lo oògùn wọn láìdúró de ẹnikẹ́ni ní aago méje, ìfitónilétí á wá dé ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà bí ẹni pé wọn ò tíì lo nǹkan kan.

Ibí yìí ni ọjọ́ mẹ́ta ayé mi lọ. Lórí tábìlì mi, mi ò rí àléébù náà. Mo fi í sí aago méje àárọ̀, ó dún ní aago méje. Mo gbé fóònù mìíràn wá, ó tún dún ní aago méje. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìṣírò aago agbègbè, bí ẹni pé Nàìjíríà ń yí aago padà ní ìgbà òtútù àti ìgbà ooru. Mo tún gbogbo apá yẹn kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé àṣìṣe agbègbè á jẹ́ wákàtí kan géérégé, kò lè jẹ́ ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta lónìí, kó di méjìdínlógójì lọ́la. Mo bú kóòdù, mo bú fóònù, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sórí sáfà.

Màámi ló tú u láìmọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣàpèjúwe bó ṣe ń dún. Wọ́n ní, “Kì í dún fúnra rẹ̀. Àfi tí mo bá gbé e nílẹ̀ kí n fi wo aago, ló máa wá ké.”

Ojú mi lọ sára wáyà tó so fóònù tèmi mọ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà yẹn ló ń gbé kóòdù wọlé, òun náà ló sì ń fún fóònù ní ṣáàjì. Láti Android 6 tó jáde ní ọdún 2015, fóònù tí iná ojú rẹ̀ ti kú, tí kò sí lórí ṣáàjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé e kúrò lójú kan, máa ń wọ inú òògbé kó lè tọ́jú bátìrì. `Doze` lorúkọ rẹ̀. Nínú òògbé yìí, kì í fetí sí àdéhùn tí áàpù bá a ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń kó jọ, tó bá lajú díẹ̀ á tú wọn sílẹ̀, á sì tún padà sùn. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó lójú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ìlajú náà ń gùn sí i. Fóònù Màámi máa ń sùn lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti aago mẹ́wàá alẹ́, láìsí ṣáàjì, títí wọ́n á fi gbé e. Tálẹ́ sì rèé, ọwọ́ wọn ló máa ń wà, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù. Fóònù tèmi kò sùn rí láti ọjọ́ tí mo ti ń dán an wò, nítorí pé wáyà kò yọ lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, nítorí wáyà!

Tí ẹ bá ń ṣe irú rẹ̀, ẹ má fi wákàtí mẹ́jọ dúró de òògbé. Ẹ ṣètò áláàmù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ẹ pa iná ojú fóònù, kí ẹ sì fi `adb`, irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún fóònù, fipá mú un sùn. Ìlà àkọ́kọ́ ń tan fóònù pé kò sí lórí ṣáàjì mọ́:

```
adb shell dumpsys battery unplug
adb shell dumpsys deviceidle force-idle
```

Mo ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá, fóònù dákẹ́ bí òkú. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún áàpù tí kò ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá parí, `adb shell dumpsys deviceidle unforce` àti `adb shell dumpsys battery reset` ló ń dá a padà sípò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìlà díẹ̀ lọ. Láti Android 4.4 ni `setRepeating` kò ti ṣèlérí aago pàtó mọ́, nítorí náà mo jù ú nù. Dípò kí n ṣàdéhùn ojoojúmọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan ni mò ń ṣe, tí ìyẹn bá sì ti dún, òun ni yóò ṣètò ti ọ̀la. Mo kọ́kọ́ wo `setExactAndAllowWhileIdle`, tó lè jí fóònù nínú òògbé. Ṣùgbọ́n tí fóònù bá ń sùn, kì í jẹ́ kí áàpù kan dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 9, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹlòmíràn á ní oògùn aago méje àti òmíràn ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tí mo mú ni irú tí aago tó ń jíni lójú oorun gan-an ń lò. Fóònù fúnra rẹ̀ á jí kúrò nínú òògbé kí àkókò náà tó pé:

```
val info = AlarmManager.AlarmClockInfo(nextDose, openApp)
alarmManager.setAlarmClock(info, firePending)
```

Mo tún fipá mú fóònù sùn. Ó dún ní ìṣẹ́jú náà gẹ́lẹ́. Mo jó.

Ijó náà kò pẹ́. Àbúrò mi gbé e sórí fóònù tirẹ̀ tó jẹ́ Android 14, áàpù wó lulẹ̀ pẹ̀lú `SecurityException`. Áláàmù pàtó ń fẹ́ àyè kan tó ń jẹ́ `SCHEDULE_EXACT_ALARM`, èmi kàn kọ ọ́ sínú manifẹ́ẹ̀sì ni, ìyẹn fáìlì tí áàpù ti ń kéde àyè tó ń fẹ́. Ní Android 13 tí Màámi ń lò, ìyẹn tó. Ní Android 14, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù tuntun sórí fóònù, títì ni àyè náà máa ń wà títí ẹni tó ni fóònù á fi wọ inú sẹ́tíńgì lọ ṣí i. Nítorí náà, ẹ fi `canScheduleExactAlarms()` béèrè kí ẹ tó ṣètò ohunkóhun. Tó bá ní rárá, ẹ mú ẹni náà dé ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣí i.

Ó ku fóònù ẹ̀gbọ́n Màámi. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí mi ò ní dárúkọ, ti fi ohun ìtọ́jú bátìrì tiwọn síbẹ̀, tó ń fipá dá áàpù dúró tí wọ́n bá ti ń gbá a kúrò lójú. Áàpù tí wọ́n fipá dá dúró báyìí, gbogbo àdéhùn rẹ̀ ni Android ń parẹ́, kò sì ní dún mọ́ àfi tí ẹnì kan bá tún ṣí i. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé `adb shell dumpsys alarm` kò dárúkọ áàpù mi rárá. Tó bá jẹ́ òògbé ni, ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aago tó ń dúró dè. Kóòdù kankan kò tán ìyẹn. Inú sẹ́tíńgì bátìrì fóònù náà ni mo ti lọ yọ áàpù mi kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń pa.

Tí bátìrì bá kú tán, áláàmù gbogbo ló ń lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún wọn ṣètò nígbà tí `BOOT_COMPLETED`, ìròyìn pé fóònù ti tan, bá dé. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́yìn tó bàjẹ́ ni pé ìròyìn náà kì í dé ọ̀dọ̀ áàpù bíi tèmi títí wọ́n á fi tẹ nọ́ńbà tó ń ṣí fóònù. Iná dé láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n tan fóònù, wọ́n gbé e kalẹ̀ láìṣí i: aago méje kọjá ní ìdákẹ́jẹ́.

Tí mo bá mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí ni, ọ̀rọ̀ inú ìfitónilétí ni ǹ bá kọ́kọ́ ṣe, kí n tó kọ ìlà áláàmù kan. “Ẹ lo oògùn yín” ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, yálà ó dé lásìkò tàbí ó pẹ́. Ní báyìí, tó bá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́, ohun tó ń kọ ni: “Oògùn aago méje àárọ̀. Ṣé ẹ ti lò ó?” Tí kò bá sì dá wọn lójú, ó ní kí wọ́n má lo òmíràn, kí wọ́n pe Àjàní.

Wọ́n pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ta ló fi aago kékeré kan sókè ojú fóònù wọn. Àmì tí `setAlarmClock` ń gbé síbẹ̀ ni. Mo ní òun ló ń ṣọ́ oògùn wọn. Wọ́n ní ó dáa, kó má kàn máa pariwo tí àwọn bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.