Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nígbà tí wọ́n bá ń fi ìlànà ti Chrome pa lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì

Ọ̀gá ní òun fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa ṣí sí ojú ewé ilé-iṣẹ́ láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yí i padà. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọ inú Group Policy, ó wá HomepageLocation rí, ó kọ àdírẹ́sì sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣí Chrome, Google ló gbé jáde bíi ti àná. Ó padà lọ wo ìlànà náà, ó bá a níbi tó fi í sí. Ó tún un kọ, ó tún kọ̀ǹpútà tàn, síbẹ̀ Google náà ni.

Kò sóhun tó bàjẹ́ níbẹ̀. HomepageLocation ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń jáde nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bráúsà. Bọ́tìnnì Home ló wà fún, ìyẹn àwòrán ilé kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, Chrome ò sì ní fi bọ́tìnnì yẹn hàn àfi téèyàn bá ní kó fi hàn. Ohun tó ń jáde nígbà tí a bá ṣí bráúsà ní ìlànà tirẹ̀, RestoreOnStartup, pẹ̀lú àkójọ àdírẹ́sì tó ń bá a rìn, RestoreOnStartupURLs. Tábù tuntun tí òṣìṣẹ́ bá ṣí láàárín iṣẹ́ náà tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, NewTabPageLocation. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi ọ̀gá léèrè èwo gan-an ló ń sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó ń jáde láàárọ̀ ló ní lọ́kàn, tí bọ́tìnnì Home kàn tẹ̀ lé e.

Bí ohun tó fẹ́ nìyẹn, bí yóò ṣe rí nínú Registry nìyí:

```
[HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome]
"RestoreOnStartup"=dword:00000004
"ShowHomeButton"=dword:00000001
"HomepageIsNewTabPage"=dword:00000000
"HomepageLocation"="https://portal.example/"

[HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome\RestoreOnStartupURLs]
"1"="https://portal.example/"
```

Nọ́ńbà 4 yẹn ló ń sọ fún Chrome pé kó ṣí àwọn àdírẹ́sì tó wà nínú àkójọ. Bí ẹ bá kọ àkójọ láìkọ RestoreOnStartup mọ́ ọn, àkójọ náà yóò kàn jókòó lásán ni. Ẹ wò ó dáadáa pé àkójọ ní àyè tirẹ̀ lábẹ́ Chrome, tí a sì ń fi nọ́ńbà to ohun tó wà nínú rẹ̀, "1", "2", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó gbogbo àdírẹ́sì pọ̀ sójú ìlà kan tí wọ́n fi àmì ìdánudúró pín in, Chrome ò sì ka ẹyọ kan nínú wọn.

Àṣìṣe kejì jẹ́ ti àwọn ọ́fíìsì tí kò ní dòméènì, wọ́n sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa: kọ̀ǹpútà ogún, ọgbọ̀n, kálukú pẹ̀lú páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀, láìsí sáfà kankan tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń bójú tó wọn á gba fáìlì .reg kan lórí WhatsApp, á máa tẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ìlànà kan á gbà. Bí àpẹẹrẹ, IncognitoModeAvailability á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé Home, ohun tó ń jáde láàárọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ìwákiri kò ní gbà. Àwọn ògbójú ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jí bráúsà àwọn èèyàn gbé, tí wọ́n á so ó mọ́ ojú ewé ìpolówó tiwọn. Ìdí nìyẹn tí Google fi ní, lórí Windows, kí irú àwọn ìlànà wọ̀nyí má ṣe ṣiṣẹ́ àfi lórí kọ̀ǹpútà tó bá wà lábẹ́ Active Directory tàbí Entra ID, tàbí èyí tí a bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú Chrome Enterprise Core. Èyí tó kẹ́yìn yìí ò gba owó, ọ̀nà àbáyọ sì ni fún ọ́fíìsì tí kò ní sáfà. Ẹ óò gba kóòdù ìforúkọsílẹ̀ kan lójú ewé alábòójútó Google, ẹ óò kọ ọ́ sínú CloudManagementEnrollmentToken lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ óò máa ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì darí gbogbo wọn.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé èyí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti yín, kí ẹ kọ `chrome://policy` síbi àdírẹ́sì. Ẹ tẹ Reload policies. Bí orúkọ ìlànà náà kò bá sí níbẹ̀ rárá, kò tíì dé orí kọ̀ǹpútà yẹn. Bó bá wà níbẹ̀ tí Status rẹ̀ sì ń sọ pé Chrome ò kà á sí, ọ̀rọ̀ dòméènì tí mo sọ lókè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ní òun ò mọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ nìyẹn. Ẹ wo Level náà: Mandatory ni èyí tí òṣìṣẹ́ ò lè yí, Recommended sì ni èyí tí ẹ kàn dábàá fún un, tó lè yí nígbàkígbà tó bá wù ú. Inú Group Policy, fódà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, àwọn ìlànà tó wà nínú wọn sì jọra débi pé ó rọrùn láti ṣi ọ̀kan mú.

Ọ̀rọ̀ àfikún bráúsà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹnì kan kà á níbì kan pé kí wọ́n kọ `*` sínú ExtensionInstallBlocklist, kí àfikún kankan má bàa wọlé mọ́. Òótọ́ ni, kò ní wọlé. Ohun tí kò kà ni pé ìlànà yẹn kì í ṣe ti èyí tó ń bọ̀ nìkan. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà á kú, òṣìṣẹ́ ò sì ní lè jí wọn. Ọ́fíìsì kan tí mo mọ̀ fi ìlànà yìí ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́ Friday. Ní àárọ̀ Monday, àwọn ará akáǹtì ò lè wọ ibi iṣẹ́ wọn, torí pé inú Bitwarden ni gbogbo páásíwọ̀ọ̀dù wọn wà, Bitwarden sì ti kú nínú Chrome. Ẹni tó dé bá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tún Chrome gbé wọlé látìbẹ̀rẹ̀, èyí tí kò lè yanjú ohunkóhun, torí inú Registry ni ìlànà ń gbé, kì í ṣe inú Chrome.

Bó ṣe yẹ kó rí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí fódà yìí:

```
%LOCALAPPDATA%\Google\Chrome\User Data\Default\Extensions
```

Àwọn orúkọ fódà gígùn tí ẹ óò bá níbẹ̀, lẹ́tà 32 tí kò kọjá a sí p, ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn àfikún tí wọ́n ń lò. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ju prófáìlì kan lọ nínú Chrome, ẹ wo Profile 1 àti àwọn tó tẹ̀ lé e náà, kì í ṣe Default nìkan. Ẹ bi àwọn èèyàn èwo ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ sí, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ExtensionInstallAllowlist, lẹ́yìn náà ni kí `*` tó wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àfikún kan wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ní dandan, inú ExtensionInstallForcelist ni yóò lọ, pẹ̀lú àdírẹ́sì ibi tí Chrome yóò ti máa gbà á. Ti Bitwarden rí báyìí:

```
nngceckbapebfimnlniiiahkandclblb;https://clients2.google.com/service/update2/crx
```

Èmi kì í fẹ́ kí àkójọ dandan yìí gùn. Àfikún tí a bá fi dandan gbé wọlé máa ń gba gbogbo àṣẹ tó bá béèrè láìbi ẹnikẹ́ni, títí kan kíka ohun tó wà lójú ewé báńkì. Bí ẹni tó ṣe é bá tà á fún ẹlòmíì lọ́la, ẹni tuntun yẹn ti bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí ẹ bá mú àfikún tí ẹ ti dènà kúrò nínú Blocklist, yóò jí padà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un kúrò nínú Forcelist, ńṣe ni Chrome yóò yọ ọ́ dànù pátápátá, pẹ̀lú ohun tó kó pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà náà. Bitwarden ní sáfà tirẹ̀, kò ní dùn ún. Àfikún tí òṣìṣẹ́ ń kọ àkọsílẹ̀ oníbàárà sí láìsí ẹ̀dà níbòmíì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tú ìlànà ká náà ní ewu tirẹ̀. Nínú Group Policy, Disabled kò túmọ̀ sí pé ẹ ti yọwọ́. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì Home sí Disabled, ẹ ti pàṣẹ pé kó má ṣe hàn láéláé, òṣìṣẹ́ ò sì ní lè mú un jáde. PasswordManagerEnabled tó wà ní Disabled ò ní jẹ́ kí Chrome tọ́jú páásíwọ̀ọ̀dù tuntun. Not Configured ni ẹ ń wá. Ìlànà tó bá sì jẹ́ pé fáìlì .reg ni ẹ fi gbé e wọlé, kò sí Group Policy tó máa bá yín kó o kúrò, ọwọ́ lẹ óò fi pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Ohunkóhun tí ẹ bá sì ń ṣe, ẹ ya kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú OU tiwọn, ìyẹn ìsọ̀rí tí a ń kó kọ̀ǹpútà tàbí orúkọ òṣìṣẹ́ sí nínú Active Directory, kí ìlànà tuntun kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀, kí ọ̀kan lára wọn sì jẹ́ ti ará akáǹtì tó ń lò ó lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú OU yẹn bó bá jẹ́ Computer Configuration lẹ lò. Bó bá jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ nìkan lẹ kó síbẹ̀, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Windows ń wo ìlànà tuntun ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, ó sì lè fi tó ìṣẹ́jú 30 kún un, nítorí náà ẹ kọ `gpupdate /force` bí ẹ ò bá fẹ́ dúró. Ẹ má sì ṣe dí `chrome://policy` pa nínú URLBlocklist nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa yọjú síbẹ̀. Kò lè yí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ óò sì wá a tì lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, Chrome nìkan ló kàn. Edge wà lórí Windows kọ̀ọ̀kan, ibi tirẹ̀ ni `SOFTWARE\Policies\Microsoft\Edge`, orúkọ ọ̀pọ̀ ìlànà rẹ̀ jọ ti Chrome ṣùgbọ́n kì í wo èyí tí ẹ kọ fún Chrome. Òṣìṣẹ́ tí ẹ dènà níbí á kàn ṣí ọ̀hún. Firefox náà lè wọlé sínú fódà òṣìṣẹ́ láìsí páásíwọ̀ọ̀dù alábòójútó. Ẹ lè kọ ìlànà tirẹ̀ sábẹ́ `SOFTWARE\Policies\Mozilla\Firefox` báyìí, bí kò tilẹ̀ tíì sí Firefox kankan nínú ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé e wọlé, yóò bá ìlànà náà níbẹ̀, ẹ óò sì rí i nínú `about:policies`.