Nígbà tí ohùn bá ń já lórí VPN: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá TCP ló fà á, àti bí ẹ ṣe máa yí i sí UDP

Ká mú ẹnì kan tó ń gbé ní Bódìjà, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù láti inú yàrá rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ráútà 4G ló ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ tan VPN ọ́fíìsì kó tó lè rí fáìlì iṣẹ́. Bí kò bá tan VPN, ìpè fídíò rẹ̀ ń lọ geere. Bó bá ti tan án báyìí, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí já: ọ̀rọ̀ á dúró láàárín, ìyókù á wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ti ra dátà kún dátà, ó ti gbé ráútà lọ sójú fèrèsé, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Kì í ṣe pé dátà rẹ̀ kò yára tó. Ìpè fídíò ẹni méjì kò béèrè ju nǹkan bíi mẹ́gábíìtì kan sí méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 4G tó ń ṣe dáadáa sì ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àsìkò tí ohùn fi ń dé ló dàrú, ibẹ̀ ni ká wò.

Jítà, kì í ṣe ti olórin

Ohùn yín kì í rìn lódidi. Áàpù á gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan la ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì. Ègé kan sábà máa ń gbé ohùn 20 mìlísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ni pé 50 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ń pẹ́ bákan náà lójú ọ̀nà, etí kò ní mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí ọ̀kan bá tètè dé tí èkejì sì pẹ́, ìyàtọ̀ yẹn la ń pè ní jítà.

Ẹ lè fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ dán ọ̀nà wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ sì rí 110, 112, 109, 115, 111 mìlísẹ́kọ́ńdì. Ìyàtọ̀ láti ọ̀kan sí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 2, 3, 6 àti 4. Ẹ pín in dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bíi 4: ọ̀nà náà dára. Bó bá jẹ́ 110, 111, 480, 112, 350 lẹ rí, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1, 369, 368 àti 238. Jítà rẹ̀ ti di 244. Bó bá ti ń kọjá 30 ni etí á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ. Áàpù ń gbìyànjú láti dá pákẹ́ẹ̀tì dúró fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè tò síra wọn kó tó gbé wọn jáde, ṣùgbọ́n kò lè dá wọn dúró pẹ́ títí, torí ẹ̀yin méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lu ara yín.

Ohun tí TCP ń ṣe

VPN dà bí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì yín ń gbà. UDP àti TCP ni ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́: a lè fi UDP gbẹ́ ẹ, a sì lè fi TCP gbẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé 50 ẹrù fẹ́ ti Òjòó lọ sí Dúgbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú máíkírà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ UDP, máíkírà tó bá ti dé á já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá taku ní Mókọ́lá, a ò dúró dè é. Bó bá jẹ́ TCP, ẹni tó ń gba ẹrù ní Dúgbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìkẹrìnlá já ẹrù sílẹ̀ bí ìkẹtàlá kò bá tíì dé. Á ránṣẹ́ padà sí Òjòó pé kí wọ́n gbé irú rẹ̀ wá, gbogbo àwọn tó kù á sì tò sílẹ̀ dè é. Bí fáìlì owó oṣù lẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ojú ìwé kan kò gbọdọ̀ sọnù. Àmọ́ ègé ohùn tó bá pẹ́ dé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ká ṣírò ti ará Bódìjà wa. Àlọ àti àbọ̀ sí sẹ́fà Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí VPN ń so mọ́, jẹ́ 110 mìlísẹ́kọ́ńdì. Ègé ohùn kan sọnù lójú ọ̀nà. TCP máa ń dúró kí nǹkan bíi pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dé kó tó gbà pé ọ̀kan sọnù; 60 mìlísẹ́kọ́ńdì ti lọ. Ìròyìn á padà sí Ìbàdàn, ẹ̀dà á tún gbéra lọ: 110 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170. Láàárín àkókò yẹn, ègé ohùn mẹ́jọ tí kò ní àléébù kankan ti dé sẹ́fà, wọ́n kàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Bí ẹ̀dà náà bá tún sọnù, ìdúró á lé ní 300. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń dákẹ́ tó sì ń tú jáde pọ̀. Bó bá jẹ́ UDP ni, ègé kan ṣoṣo ni ì bá sọnù, áàpù ì bá sì fi ohùn tó jọ ọ́ dí àlàfo náà, etí kò ní fura.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Àṣẹ `ping` ń fi pákẹ́ẹ̀tì kékeré ránṣẹ́, ó sì ń ka àsìkò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ẹ tan VPN, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpè fídíò kan, kí ẹ sì ṣí ojú àṣẹ méjì (`cmd` lórí Windows). Ẹ tẹ ọ̀kan sínú ojú kìíní, èkejì sínú ojú kejì, kí wọ́n jọ máa lọ:

```
ping -n 100 vpn.example.com
ping -n 100 10.8.0.1
```

Ẹ fi orúkọ sẹ́fà VPN yín rọ́pò ti àkọ́kọ́. Òun ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà `remote` nínú fáìlì `.ovpn` yín. Èkejì ni àdírẹ́sì sẹ́fà náà nínú VPN. `10.8.0.1` ló wọ́pọ̀ lórí OpenVPN, irú VPN tó ń lo fáìlì `.ovpn` yẹn; ẹ bi àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì bí tiyín bá yàtọ̀. Lórí Mac tàbí Linux, ẹ fi `-c` rọ́pò `-n`. OpenVPN kì í gbé ohun tó ń lọ sí àdírẹ́sì ìta sẹ́fà rẹ̀ gba inú ara rẹ̀, nítorí náà àṣẹ kìíní ń rìn lójú títì lásán, èkejì ń gba abẹ́lẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. (Bí sẹ́fà kò bá dáhùn `ping` rárá, kì í ṣe pé ó kú, àwọn kan ti ilẹ̀kùn yẹn ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i fúngbà díẹ̀.)

Ti Bódìjà fi èyí hàn: ojú kìíní, 108 sí 118 mìlísẹ́kọ́ńdì, `Lost = 2`. Ojú kejì, `Lost = 0`, ṣùgbọ́n àsìkò ń fò: 112, 110, 437, 111, 113, 362. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí òdo, wọ́n á ní VPN kò ní àbùkù. Pákẹ́ẹ̀tì ń sọnù lójú títì, àmọ́ abẹ́lẹ̀ ń fi ìdúró sanwó rẹ̀. Bí ìta bá ń sọ nǹkan nù láìfò, tí inú ń fò láìsọ nǹkan nù, TCP ni.

Bí ojú méjèèjì bá jọ ń fò, ẹ má dá VPN lẹ́bi. Ẹ `ping` ráútà yín fúnra rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ `192.168.1.1` tàbí `192.168.0.1`. Kò yẹ kó kọjá 5 mìlísẹ́kọ́ńdì lọ títí. Bó bá ń fò lọ sí 80, wáìfáì inú ilé ni. Ẹ fi okùn so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà. Bí ráútà bá dára, tí àsìkò wá ń gun ẹgbẹ̀rún nígbà tí fóònù ẹnì kan nínú ilé ń kó fọ́tò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìlà ìfiránṣẹ́ yín ló kún: ẹ dá ìkófọ́tò yẹn dúró títí ìpè á fi parí.

Yíyí i sí UDP

Ẹ pa VPN, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì `.ovpn` yín sí ibòmíràn, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ ó rí nǹkan bí èyí:

```
proto tcp
remote vpn.example.com 443
```

Ẹ yọ ìlà `proto` kúrò, kí ẹ kọ méjì yìí dípò `remote` ti àtijọ́:

```
remote vpn.example.com 1194 udp
remote vpn.example.com 443 tcp
```

Á kọ́kọ́ gbìyànjú UDP. Bí ibi tí ẹ wà bá dí UDP, bíi wáìfáì òtẹ́ẹ̀lì kan, á yà sí TCP fúnra rẹ̀, iṣẹ́ kò ní dúró. Ṣùgbọ́n sẹ́fà náà gbọ́dọ̀ ti ń gba UDP. Bí kò bá gbà á, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe láti Ìbàdàn. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n tan OpenVPN kejì lórí UDP 1194 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti TCP, kí ẹ sì fi àbájáde `ping` méjèèjì hàn wọ́n. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á mọ ohun tó ń wò. Bó bá jẹ́ VPN tí ẹ ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù ni ẹ ń lò, ẹ kò nílò láti fọwọ́ kan fáìlì kankan: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Protocol sí nínú áàpù rẹ̀, kí ẹ mú OpenVPN (UDP) tàbí WireGuard. WireGuard kò mọ TCP rárá, UDP nìkan ló ń lò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún so ó, ẹ wá `link remote` nínú àkọsílẹ̀ OpenVPN. Bí ìlà náà bá ní UDP, ó ti wọlé. Bó bá ṣì ní TCP, ìlà kejì ló gbà, ẹnì kan ti dí 1194 lójú ọ̀nà.

Nǹkan méjì lè yọjú lẹ́yìn ìyípadà yìí. Èkíní, ohùn á dára ṣùgbọ́n ojú ìwé ńlá tàbí fáìlì ọ́fíìsì á máa dúró láìparí. Pákẹ́ẹ̀tì ti tóbi ju ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 4G lè gbà lẹ́yìn tí VPN ti fi aṣọ tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ fi `mssfix 1300` kún fáìlì náà. Èkejì, VPN á dákẹ́ bí ẹ bá lọ jẹun tí ẹ padà dé: nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká tètè máa ń gbàgbé UDP tó bá dákẹ́. `keepalive 10 60` lórí sẹ́fà ló ń tún un ṣe.

Ṣé ìpè náà tilẹ̀ nílò VPN?

Bó bá jẹ́ Zoom tàbí Teams lẹ ń lò, ìpè náà ti ní ààbò tirẹ̀, àti pé sẹ́fà wọn kò sí nínú ọ́fíìsì yín. Gbígbé e gba Lọ́ńdọ̀nù kó tó lọ síbi tó ń lọ dà bí ẹni tó ń ti Bódìjà lọ sí Àgọ́dì tó wá gba Challenge. Microsoft fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ohùn àti fídíò Teams má gba inú VPN. Bí ọ́fíìsì bá fọwọ́ sí i (ẹ béèrè, torí àwọn kan kà á sí ẹ̀ṣẹ̀), ìlà kan tó:

```
pull-filter ignore "redirect-gateway"
```

Kìkì ohun tí ọ́fíìsì kà sílẹ̀ fún sẹ́fà ni yóò máa gba abẹ́lẹ̀ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn UDP, ti Bódìjà tún `ping 10.8.0.1` lẹ́ẹ̀kan sí i. Àsìkò wà láàárín 109 àti 121, ṣùgbọ́n `Lost = 2` ti dé sínú abẹ́lẹ̀ náà. Kí ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù: òfò tó wà lójú títì látilẹ̀ nìyẹn, tí kò fara pamọ́ mọ́, áàpù sì lè gbé méjì nínú ọgọ́rùn-ún mì. Lórí Zoom, ẹ lọ sí Settings, Statistics, Audio, kí ẹ máa wo Jitter bí ìpè ṣe ń lọ. Bí òfò bá wá ń dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, UDP kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé síìmù mìíràn sínú ráútà, kí ẹ sì tún ojú kìíní `ping` láti ìbẹ̀rẹ̀.