Ọmọ Ilé Ta Ni Ímeèlì Sikọ́láṣíìpù Yìí?

Ìyá kan tó ń ta gààrí ní Òmù-Àrán gbé fóònù ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Ímeèlì kan ti wọlé pé ọmọ náà ti gba sikọ́láṣíìpù PTDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ nípa epo rọ̀bì àti gáàsì. Wọ́n ní kó san ₦18,500 kílẹ̀ tó ṣú, kó sì ya fọ́tò káàdì báńkì rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tó fẹ́ mú wọn gbà á gbọ́ ni pé lóòótọ́ lọmọ náà ti kọ fọ́ọ̀mù PTDF.

Orúkọ tó hàn lókè ímeèlì kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Nínú Gmail, ẹ tẹ "to me" lábẹ́ orúkọ náà kí àdírẹ́sì gan-an lè jáde. Èyí la rí:

```
info@ptdf.gov.ng-ebun.com
```

Ẹ ti ẹ̀yìn kà á bọ̀. Ẹ̀yin ará Ìlọrin náà mọ̀ pé orúkọ ilé ló ń sọ ẹni téèyàn jẹ́. Orúkọ ilé ímeèlì yìí ni `ng-ebun.com`. `ptdf.gov` tó wà níwájú kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n yá wọ̀ ni. Ti PTDF gidi máa ń parí sí `ptdf.gov.ng`, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún ní `gov.ng`. Àjọ aládàáni tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù kò ní í ní in, nítorí náà ẹ fi àdírẹ́sì tiwọn wé ti ibi tí ọmọ yín ti kọ fọ́ọ̀mù.

Àmọ́ wọ́n tún lè ṣe ayédèrú àdírẹ́sì tó péye, kó lè jọ pé PTDF gan-an ló kọ ọ́. Bí "reply-to", ìyẹn àdírẹ́sì tí èsì yín máa lọ, bá jẹ́ ti ibòmíràn, ẹ fura. Ẹ má tẹ ohunkóhun nínú ímeèlì náà. Ọmọ ìyá yìí fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ `ptdf.gov.ng`, ó wọ ibi tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, ó sì rí i pé wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún wo ibi tí owó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín lè béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, èyí ò burú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà iwájú káàdì, nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, PIN àti OTP, owó ni wọ́n fi ń yọ jáde. Kò sẹ́ni tó nílò wọn láti fi owó wọlé. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ san ₦18,500 sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn lásán, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Bẹ́ ẹ bá ti fi káàdì ránṣẹ́, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tì í pa. Bó bá jẹ́ owó lẹ ti san, ẹ mú rìsíìtì lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì EFCC ní Ìlọrin. Ẹ má pa ímeèlì náà rẹ́, wọ́n máa béèrè fún un.