Ọjọ́ Mélòó Ni Owó Yín Fi Ń Wà Níta? Ẹ Yé Fi Oṣù Kejìlá Tan Ara Yín

Ìṣirò ọjọ́ tí owó tí ẹ fi ra ọjà fi ń wà níta kó tó padà sọ́wọ́ yín nìyí: ọjọ́ tí ọjà fi ń jókòó ní ìsọ̀, ẹ ro ọjọ́ tí oníbàárà fi ń jẹ yín lówó mọ́ ọn, ẹ yọ ọjọ́ tí ẹ̀yin náà fi ń jẹ ẹni tó kó ọjà fún yín kúrò. Kò le. Iye tí ẹ ń kó sínú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́, ó sì ti sú mi láti máa tún un ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi ọjà ìparí ọdún nìkan ṣírò. Èmi gan-an ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Màmá kan tó ń ta ànkárá ní Gbági, n'Ìbàdàn, ní kí n bá òun wò ó. Iye tó fi ra gbogbo ọjà tó tà lọ́dún náà jẹ́ ₦29,200,000, ìyẹn ₦80,000 lójúmọ́. Mo ka ọjà lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, mo bá ₦1,600,000: ọjọ́ 20. Àwìn níta jẹ́ ọjọ́ 30, gbèsè tí òun jẹ jẹ́ ọjọ́ 20. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé láàárín ọjọ́ 30, owó á ti padà. Ni Màmá bá yá owó ọlọ́jọ́ 45 lórí ọ̀rọ̀ mi. Ọjọ́ pé, aṣọ ṣì wà nílẹ̀ gègèrè. Ó pè mí: "Akántà, owó ọ̀hún dà?" Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè dáhùn.

Kérésìmesì ló ti gbá ìsọ̀ mọ́ kí n tó dé, èmi ọlọ́gbọ́n ò sì rò ó. A padà sínú ìwé rírà àti ìwé títà, a tú iye ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a fi 12 pín in: ₦4,800,000. Ọjọ́ 60 nìyẹn. Àpapọ̀ wá di 70, kì í ṣe 30. Owó ọlọ́jọ́ 45 ò lè tó o láéláé.

Èkejì, ẹ má fi owó títà pín ọjà. Èrè ti wọ inú owó títà. Màmá ta ₦36,500,000, ìyẹn ₦100,000 lójúmọ́; ẹ fi pín ₦4,800,000, ẹ ó rí ọjọ́ 48, ọjọ́ 12 ti sọnù. Iye tí a fi ra ọjà lójúmọ́ ni kí ẹ fi pín ọjà àti gbèsè yín. Owó títà ojúmọ́, àwìn níta ni kí ẹ fi pín.

Owó ìsọ̀ àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í ṣe gbèsè ọjà. Ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn.

Bí ó bá sì jẹ́ iye oṣù mẹ́ta ni ẹ lò, ẹ má fi ọjọ́ 365 pín in; ọjọ́ oṣù mẹ́ta náà ni kí ẹ fi pín in.

Ti àwìn ń kọ́? ₦3,000,000 ló wà níta; ẹ fi ₦100,000 títà ojúmọ́ pín in, ọjọ́ 30 nìyẹn. Àmọ́ ìdajì ọjà Màmá, owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń rà á. Àwìn gan-an jẹ́ ₦50,000 lójúmọ́, àwọn tó ń gbà á sì ń lo ọjọ́ 60 kí wọ́n tó san. Ọjọ́ 30 àwìn yìí tọ́ láti lò nínú ìṣirò àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi yin ajigbèsè. Oṣù kan ni Màmá dá fún wọn, ó sì ti ń kí wọn pé wọ́n ń ṣe dáadáa. Nígbà tí mo fi 60 hàn án, ó dákẹ́, ó ní kí ọmọ ìsọ̀ gbé ìwé àwìn wá.